Ìwé háúsì ọ́físà tí kò ṣeé kà: báwo lẹ ṣe ń tò ó di kíláàkìn?

ÌyáFódà_Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ́fíìsì fódà ni mo wà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan níbí ní Ẹ̀pẹ́. Láti oṣù tó kọjá ni ọ̀gá wa ti ní kí n máa tẹ kíláàkìn, ìyẹn ìtàn àìsàn àti àyẹ̀wò tí dókítà kọ, ti gbogbo aláìsàn tí wọ́n bá dá dúró sórí kọ̀ǹpútà. Háúsì ọ́físà, ìyẹn dókítà tuntun, tó wà lórí kọ́ọ̀lù á kọ tirẹ̀ sí bébà lóru, tó bá di nǹkan bí aago méje àárọ̀ wọ́n á kó o fún mi, kí n ti tò ó tán kí kọnsọ́tántì tó bẹ̀rẹ̀ ráúǹdù ní aago mẹ́sàn-án. Ìwé kíkọ àwọn ọmọ yìí, àfi kí Ọlọ́run ṣàánú. Mo mọ̀ pé wọn ò rí oorun sùn, àmọ́ kò sí bí mo ṣe fẹ́ tẹ ohun tí mi ò lè kà.

Èyí tó wà níwájú mi báyìí rèé. Mo ti yọ orúkọ àti nọ́ńbà fódà kúrò, mi ò sì ya fọ́tò rẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi dà á kọ bí mo ṣe rí i:

```
54 F fish seller
Vomiting x 2/7, fever 5/7, ulcer (L) foot 2/52
DM 6yrs on metf. ago 3/7
P° J° dehyd ++  chest clear
BP 90/60 PR 118 RR 28 T 38.6
RBS 486 ket ++
N/S 1L fast
Sol ins 10u stat
Ceft 1g, Flagyl 500
r/v
```

Mo kọ́kọ́ rò pé 2/7 yẹn, ọjọ́ kejì oṣù keje ni. Nígbà tí mo wá dé 2/52, mo dákẹ́. Oṣù wo ló ń jẹ́ méjìléláàádọ́ta?

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí ẹ ṣe ń ka irú èyí, àti ibo ni kálukú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ nínú kíláàkìn. Èkejì tó wá ń dùn mí jù: fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún wa lórí kọ̀ǹpútà kì í gba àlàfo. Àpótí kan wà fún ọkàn, ọ̀kan fún ikùn, ọ̀kan fún ọpọlọ àti iṣan, ọ̀kan fún ẹsẹ̀. Tí n kò bá kọ nǹkan kan sí gbogbo wọn, kò ní jẹ́ kí n fi pamọ́. Dókítà ò sì kọ nǹkan kan nípa ikùn. Kí ni kí n kọ síbẹ̀?

ỌdúnKarùn-ún

Ẹ kú iṣẹ́ Mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni mí, mo wà ní ọdún karùn-ún. Ti 2/7 yẹn rọrùn. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ló ń sọ irú àkókò tó jẹ́: 7 ni ọjọ́, torí ọjọ́ méje ló wà nínú ọ̀sẹ̀, 52 ni ọ̀sẹ̀, torí ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta ló wà nínú ọdún, 12 ni oṣù. Nítorí náà, èébì fún ọjọ́ 2, ibà fún ọjọ́ 5, egbò ẹsẹ̀ òsì fún ọ̀sẹ̀ 2. Lẹ́tà L tí wọ́n fi àkámọ́ yí ká, òsì ni. Òdo kékeré tó wà lórí P àti J, "kò sí" ló ń wí: ara rẹ̀ kò ṣì, ojú rẹ̀ kò pọ́n bíi ti ibà pọ́njú.

Kì í ṣe bí dókítà ṣe kọ wọ́n tẹ̀ léra wọn lẹ máa tò wọ́n o. Èébì ló kọ́kọ́ kọ torí òun ló gbé ìyá náà dé ọsibítù lóru. Nínú kíláàkìn, èyí tó pẹ́ jù ló máa ń ṣáájú: egbò, lẹ́yìn náà ibà, lẹ́yìn náà èébì. Ẹni tó bá kà á báyẹn á ti rí ọ̀nà tí àìsàn náà gbà wọlé.

Fún àwọn àpótí tó ṣófo, ẹ kọ NAD síbẹ̀. Ohun tí dókítà ò bá kọ, kò sí wàhálà níbẹ̀ ni. Gbogbo wa la ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò àrùn náà pẹ̀lú, ẹ lè kọ ọ́ fúnra yín: ṣúgà 486, kítónì nínú ìtọ̀, èébì, DKA ni, ìyẹn ásíìdì tí àtọ̀gbẹ kó sínú ẹ̀jẹ̀, kò ní àríyànjiyàn.

ỌmọÀgbádárìgì

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ó ṣe mí bíi pé ibi tó yẹ kí n bèèrè nìyí. Bàbá mi wà ní ọsibítù kan ní ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá. A fẹ́ gbé wọn lọ sí ibòmíràn báyìí, wọ́n ní ká mú ìwé wá, àwọn ọ̀hún sì ní fódà sọnù. Ṣé ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà lè bá mi tẹ tuntun? Mo rántí gbogbo oògùn tí wọ́n lò.

Nọ́ọ̀sìÒru_Ìkòròdú

Ọmọ Àgbádárìgì, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ níbí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè tẹ ìwé aláìsàn tí kò rí. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwòsàn yẹn, kí ẹ bèèrè fún àkópọ̀ ìtọ́jú bàbá. Bí fódà bá tiẹ̀ sọnù, ìwé yàrá àyẹ̀wò máa ń wà lọ́tọ̀, ìwé ilé oògùn náà lọ́tọ̀. Kí ẹ̀yin náà sì kọ àwọn oògùn yẹn sílẹ̀ kí ẹ tó gbàgbé wọn. Dókítà tuntun á lò ó, àmọ́ yóò kọ ọ́ pé ẹnu ọmọ lòun ti gbọ́ ọ.

Àǹtí Ẹ̀pẹ́, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀. Ẹ wo ìlà ìnsúlínì yẹn dáadáa, kí ẹ má tẹ lẹ́tà u yẹn láé. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà tán, "yúnìtì". Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní wọ́ọ̀dù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, háúsì ọ́físà kọ 10u, ó fi ìkánjú pa orí u náà pọ̀. Ẹni tó dà á kọ sínú ìwé mìíràn rí 100. Mo gbé sírínjì ìnsúlínì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà, mo rí i pé sírínjì náà fẹ́ kún dẹ́nu. Sírínjì mílílítà kan ni, ọgọ́rùn-ún yúnìtì ló ń gbà, kò sì sí ìgbà tí mo fún ẹnì kan ní ẹ̀kún sírínjì rí. Ìyẹn ló dá mi dúró. Mo pe dókítà, ó ní, "Mẹ́wàá ni mo kọ, Sístà!" Ká ní sírínjì ńlá ni mo mú, kò sí ohun tí ì bá dá mi dúró.

Ẹ̀kejì burú ju ìyẹn lọ. "Stat" ni ọ̀rọ̀ tó wà níwájú yín yẹn: kí wọ́n fún un lójú ẹsẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ibi kan náà, nọ́ọ̀sì òru ti fún aláìsàn náà ní abẹ́rẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Nígbà tó di àárọ̀, ìwé tí wọ́n tẹ̀ dé wọ́ọ̀dù, ó mọ́ tónítóní, àkókò àárọ̀ yẹn ló wà lókè rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gba iṣẹ́ rí i: ìnsúlínì, yúnìtì 10, lójú ẹsẹ̀. Ó rò pé àṣẹ tuntun ni, ló bá tún fún un. Ní ìwọ̀n wákàtí kan, òógùn ń dà lára aláìsàn, ó ń sọ ìsọkúsọ. A tẹ ṣúgà rẹ̀, 48. Omi ṣúgà inú iṣan la fi gbà á padà. Kò sẹ́ni tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìdáa nínú wọn. Dókítà kọ ọ́ dáadáa, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí i, nọ́ọ̀sì ṣe ohun tó kà. Àkókò ló sọnù lójú ọ̀nà.

DókítàTóTiPẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Mo ti lé lógún ọdún nínú iṣẹ́ yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní Ìkòròdú. Ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ nípa lẹ́tà u kì í ṣe ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù kan. Láti 2004 ni Jọ́ìntì Kọmíṣọ̀n, àjọ tó ń fọwọ́ sí ilé ìwòsàn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti fi lẹ́tà yẹn sínú àtòjọ ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ kọ sí ìwé oògùn. Àwa ṣì ń kọ ọ́ lójoojúmọ́.

Ọmọ wa ọdún karùn-ún gbìyànjú. Ohun tó sọ nípa àkókò àti ìtòsílẹ̀ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ibi NAD yẹn, rárá o. NAD túmọ̀ sí pé mo wò ó, mo fọwọ́ kàn án, mi ò rí àìdáa kan. Àlàfo túmọ̀ sí pé a ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni wò ó. Tí ẹ bá fi èkíní rọ́pò èkejì, ẹ ti buwọ́ lùwé lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe. Kọnsọ́tántì á dé, á rí NAD lórí ẹsẹ̀ àti iṣan, kò sì ní yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ìyá oní-ṣúgà tó ní egbò lẹ́sẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń lù. Kò sí nínú ìwé yẹn. Bóyá dókítà wò ó tó gbàgbé láti kọ ọ́, bóyá kò wò ó rárá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lè jẹ́ ẹsẹ̀ odindi.

Nítorí náà, àpótí tó bá ṣófo, ẹ kọ ọ́ gbangba: "kò sí nínú ìwé dókítà". Ẹ fi àwọ̀ mìíràn kọ ọ́ bí kọ̀ǹpútà yín bá gbà á.

DKA náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun. Bí mo bá wà níbẹ̀, òun ni mo máa kọ́kọ́ rò. Ṣùgbọ́n háúsì ọ́físà kò kọ ọ́, kò sì tíì sí ìwé tó sọ bí ásíìdì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe rí. Ẹni tó ń tẹ̀ kì í fún àìsàn lórúkọ. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó máa buwọ́ lù ú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń jẹ mí lọ́kàn nínú ohun tí ẹ dà kọ. "ago 3/7". Bó bá jẹ́ "ọjọ́ 3 sẹ́yìn" ni, kí ló dé tí dókítà á fi kọ "ago" síwájú nọ́ńbà? Ẹ padà lọ wo bébà yẹn, Ìyá mi. Ẹ wò ó bóyá lẹ́tà b wà láàárín g àti o.

ÌyáFódà_Ẹ̀pẹ́

Yéè! Ó wà níbẹ̀. Ikùn b náà ti wọ inú o. AGBO ni! Ó mu agbo fún ọjọ́ 3!

Àti pé mo ti tẹ ti ènìyàn méjì báyẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ jẹ́ kí n lọ wò wọ́n.

DókítàTóTiPẹ́

Ẹ lọ wò wọ́n lóòótọ́. Àwọn ọmọ wa ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n tó bá kan ohun tí aláìsàn mu nílé, Yorùbá ló máa ń jáde láti ọwọ́ wọn: agbo, ẹ̀bù, àgúnmu. Ẹni tó bá ń retí Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo ìlà á sọ wọ́n di Gẹ̀ẹ́sì. Agbo yẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níbí. Ìyá ń bì, omi ti gbẹ lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní 90/60, ó ń lo mẹtifọ́mìn, ó tún mu ohun tí a ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kíndìnrín ni kọnsọ́tántì máa kọ́kọ́ bèèrè. Tí "agbo" bá di "ago", ìbéèrè yẹn ò ní wáyé.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá tò ó. Ìwé gidi máa wà ní Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ èmi á kọ ọ́ ní Yorùbá kí gbogbo wa lè jọ bá a lọ.

Òkè pátápátá: ọjọ́ àti aago tí *dókítà* rí aláìsàn, kì í ṣe aago tí ẹ tẹ̀ ẹ́. Aago tí ẹ tẹ̀ ẹ́ ń lọ sí ìsàlẹ̀, níbi orúkọ yín. Lẹ́yìn náà: obìnrin, ọmọ ọdún 54, ẹlẹ́ja. Ẹni tó sọ ìtàn: kò sí nínú ìwé.

Ẹ̀dùn tó gbé e wá: egbò ẹsẹ̀ òsì fún ọ̀sẹ̀ 2, ibà fún ọjọ́ 5, èébì fún ọjọ́ 2.

Ìtàn ẹ̀dùn: níbí, ohun márùn-ún ni wọ́n kọ́ wa láti máa wá. Ẹ̀dùn fúnra rẹ̀, bó ṣe ń lọ, ohun tó lè fà á, ohun tó ti dá sílẹ̀, ìtọ́jú tí aláìsàn ti gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú ìwé yín, èkíní àti èkarùn-ún nìkan la rí: agbo fún ọjọ́ 3. Ohun tó dá egbò náà sílẹ̀, bóyá ó tẹ ìṣó ni tàbí bàtà ló bó o lẹ́sẹ̀, kò sí nínú ìwé. Bóyá agbo náà mímu ni tàbí ó fi fọ egbò ni, kò sí nínú ìwé. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀yin náà kọ "ó mu" nísinsìnyí, ṣùgbọ́n dókítà kò kọ "mu".

Àìsàn àtẹ̀yìnwá àti oògùn: àtọ̀gbẹ fún ọdún 6, ó ń lo mẹtifọ́mìn. Ìwọ̀n rẹ̀ kò sí. Bóyá ara rẹ̀ ń kọ oògùn kan, kò sí. Èyí gan-an kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò, torí oògùn apakòkòrò méjì ló ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Àyẹ̀wò ara: ara kò ṣì, ojú kò pọ́n, omi ti gbẹ lára rẹ̀ gan-an. Ìgbóná ara 38.6, ìlùkìkì 118 ní ìṣẹ́jú kan, mímí 28, ẹ̀jẹ̀ 90/60, ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Kí ẹ tó tẹ àwọn nọ́ńbà yìí, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáàtì nọ́ọ̀sì ti òru kan náà. Ẹyọ 1 kékeré kan tó bá pòórá níwájú 90, 190 ló di 90 yẹn, ìtọ́jú sì yí padà pátápátá. Ti ìyá yìí bára mu, torí ẹni tí omi gbẹ lára rẹ̀, ìlùkìkì rẹ̀ á sáré, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Tí ìlùkìkì bá jẹ́ 118 tí ẹ sì rí 190, ẹ kàn tún bèèrè ni. Ọkàn, ikùn, ọpọlọ, iṣan ẹsẹ̀, bí egbò ṣe tóbi tó àti bó ṣe ń rùn: kò sí nínú ìwé.

Ṣúgà 486, kítónì ++. Ẹ kọ ìdíwọ̀n sí i, mg/dL, torí ẹ̀rọ tí a ń fi tẹ ìka lọ́dọ̀ wa, òun ló ń lò. Yàrá àyẹ̀wò lè fún yín ní mmol/L lọ́sàn-án. `486 ÷ 18 = 27`. Mo ti rí ẹni tó rí 27 lẹ́yìn 486 tó ń dúpẹ́ pé ṣúgà ti wálẹ̀.

Èrò dókítà: kò sí nínú ìwé.

Ètò ìtọ́jú ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ. Ẹ pín in sí méjì. Apá kìíní ni ohun tí wọ́n ti ṣe, pẹ̀lú aago, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é, láti inú ṣáàtì oògùn. Apá kejì ni ohun tó kù. Ohunkóhun tó bá jẹ́ "lójú ẹsẹ̀" kò gbọdọ̀ wà ní apá kejì àfi tí ẹnì kan bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín pé wọn ò tíì ṣe é. Ẹ wá wo àlàfo inú rẹ̀: ìnsúlínì yúnìtì 10, ṣé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, ṣé inú ẹran ara, ṣé abẹ́ awọ? Sẹfitiráyásónì gíráàmù 1, ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́? Fílájílì 500, bákan náà. Lítà omi iyọ̀ kan "kíákíá", ìṣẹ́jú mélòó? "r/v" ni kí wọ́n padà wá wò ó, aago mélòó? Èmi mọ ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà máa ń kọ síbẹ̀. Ẹ̀yin náà máa mọ̀ ọ́n tó bá ṣe díẹ̀. Ẹ má kọ ọ́. Ẹ pè é.

HáúsìỌ́físà_Aláìsùn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbèjà ẹgbẹ́ mi díẹ̀. Ọdún kan péré la fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ní ẹ̀ka mẹ́rin. Lóru tí mo kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, èmi nìkan ni fún wọ́ọ̀dù méjì àti pàjáwìrì. Ọwọ́ kan ni mo fi ń wá iṣan, ọwọ́ kejì ni mo fi ń kọ̀wé. Ohun tí mo kọ, mo kọ ọ́ kí n má baà gbàgbé ni, kì í ṣe kí ẹlòmíràn wá tẹ̀ ẹ́.

Ìyẹn ni ìṣòro mi pẹ̀lú ètò yìí. Tí wọ́n bá tẹ ìwé mi tó dára tó mọ́, gbogbo ayé á rò pé mo fara balẹ̀ kọ ọ́. Ìwé játijàti ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń kà á pé kí ó bèèrè. Èyí tó mọ́ kì í kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo fara mọ́ Dókítà pé kí wọ́n pè wá, àmọ́ ẹ má pè wá lẹ́ẹ̀mẹsàn-án fún ìwé kan. Ẹ kó gbogbo ìbéèrè jọ, ẹ pè lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó jẹ́ ká kúrò ní kọ́ọ̀lù ní aago mẹ́jọ. Tí mo bá ti dé orí bẹ́ẹ̀dì, foonu ti kú nìyẹn.

Nọ́ọ̀sìÒru_Ìkòròdú

Dókítà, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ kọ aago sí "stat" yín. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló ń gbà?

HáúsìỌ́físà_Aláìsùn

Sístà, mo gbà. Màá máa kọ ọ́.

ỌdúnKarùn-ún

Ẹ jọ̀ọ́ Sà, mo gba ti NAD. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan: nígbà tí aláìsàn bá sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ṣé ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni? Nílé ẹ̀kọ́ wọ́n ní ká kọ ẹ̀dùn ní ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀. Tí ìyá náà bá ní "ẹsẹ̀ mi kú", ṣé kí n kọ pé kò mọ nǹkan lára mọ́, àbí pé kò lágbára?

DókítàTóTiPẹ́

Ìbéèrè gidi nìyẹn, àwa náà kò sì fẹnu kò sí i ní wọ́ọ̀dù wa. Èmi fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wà níbẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, torí "ẹsẹ̀ mi kú" lè jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹni tó bá tú u ti yan ọ̀kan fún mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí kì í ṣe Yorùbá, ní kò ṣe òun láǹfààní, òun ò lè kà á. Ó sọ òótọ́. Kí háúsì ọ́físà kọ méjèèjì, bí àyè bá wà.

Nọ́ọ̀sìÒru_Ìkòròdú

Àǹtí Ẹ̀pẹ́, kí n má gbàgbé: ẹ má sọ bébà yẹn nù o. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ìwé so ó mọ́ èyí tí ẹ tẹ̀. Bébà ni ìwé gidi, tiyín ni ẹ̀dà. Tí ẹ bá rí àṣìṣe lórí bébà, ẹ má fi ọwọ́ yín tún un ṣe. Dókítà tó kọ ọ́ ni yóò fa ìlà kan ṣoṣo gba àárín rẹ̀ kọjá, tí ohun tó wà lábẹ́ á ṣì ṣeé kà, á kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì buwọ́ lù ú pẹ̀lú aago. Inú mi dùn pé ẹ yọ orúkọ kúrò kí ẹ tó gbé e wá síbí. Òfin Ìlera ti 2014 kò fàyè gba ká máa gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn kiri, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni mo ń rí odindi fọ́tò fódà lórí Wọ́sáàpù àwọn òṣìṣẹ́.

ÌyáFódà_Ẹ̀pẹ́

Mo ti padà dé. Aago mẹ́jọ kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo bá dókítà náà ní ẹnu géètì, ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Mo ti kọ ìbéèrè mi sórí bébà kan, mẹ́jọ ni wọ́n. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dáhùn gbogbo wọn. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Agbo náà, mímu ni, ó tún fi fọ egbò. Ìnsúlínì náà, wọ́n ti fún un ní aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe ohun tó kù. Ẹ wò ó, ká ní mo tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe rí i!

Nígbà tí mo bèèrè nípa iṣan ẹsẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun fọwọ́ kàn án ní ọ̀tún, ó ń lù. Ti òsì, òun ò rò pé òun rí i, àmọ́ ẹsẹ̀ ti wú, egbò ń rùn, aláìsàn mìíràn sì dé. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó padà sí wọ́ọ̀dù. Ó jáde wá, ó kọ ọ́ sórí bébà fúnra rẹ̀, ó fi aago sí i: òsì, kò lù. Kọnsọ́tántì ti ní kí wọ́n pe àwọn oníṣẹ́ abẹ. Mi ò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Ti ago àti agbo tọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan jẹ́ "ago" lóòótọ́. Èkejì, agbo ni. Wọ́n ti dá ẹni yẹn sílẹ̀, ó ti lọ sílé. Mo ti sọ fún dókítà, ó ní òun á pè é.

Ọ̀gbẹ́ni tó ṣe fọ́ọ̀mù kọ̀ǹpútà wa ní òun lè fi "kò sí nínú ìwé" sí gbogbo àpótí kí n kàn máa tẹ̀ ẹ́, àmọ́ owó ló ń bèèrè, ọ̀gá wa kò sì tíì dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju àwọn àpótí kékeré mìíràn lọ, kò wọ inú wọn. Torí náà, dáàṣì ni mo ń fi sí wọn fún ìgbà díẹ̀.

DókítàTóTiPẹ́

Ìyá mi, ẹ má fi dáàṣì o! Lójú dókítà, dáàṣì níwájú nǹkan túmọ̀ sí "mo wò ó, kò sí níbẹ̀". NAD mìíràn ni, òun ló kàn kúrú. Bí àpótí bá kéré, ẹ fi àmì ìbéèrè sí i, ó sàn jù.

ÌyáFódà_Ẹ̀pẹ́

Háà. Mọ́kànlá ni mo ti fi dáàṣì sí láàárọ̀ yìí. Mo ń bọ̀.